Ṣé o rántí kí o tó ti ilẹ̀kùn, àbí o tì í kí o tó rántí?

Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ jẹ́ ká ní olè wọ ọgbà kan lóru, tí ọ̀gá sì ní kí ọlọ́dẹ kọ ohun tó mọ̀ sínú ìwé. Ní ti ọlọ́dẹ, ó ṣeé ṣe kó ti géètì, ó sì ṣeé ṣe kó má tì í. Kò kàn dá a lójú mọ́ ni. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

"I did not remember to lock the gate."

Ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn. Ohun tí ọ̀gá máa kà níbẹ̀ ni pé géètì wà ní ṣíṣí, ọlọ́dẹ ló sì gbàgbé rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ni gbólóhùn yẹn. Èyí tó yẹ kó kọ ni:

"I do not remember locking the gate."

Èyí kò sọ pé ó tì í, kò sì sọ pé kò tì í. Ó kàn ń sọ pé nígbà tó wo inú ọpọlọ rẹ̀, kò bá àwòrán títì náà níbẹ̀. Lẹ́tà díẹ̀ ló wà láàárín gbólóhùn méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nítorí rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ máa ń pe èyí tó ní "to" níwájú ní ìnfínítíìfù, wọ́n a sì pe èyí tó ní "ing" lẹ́yìn ní jẹ́rọ́ńdì. Wọ́n tún máa ń ní kí a há a sórí pé ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí ló ń gba "to", ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí ló ń gba "ing". Àhásórí yẹn kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí, nítorí pé "remember" wà nínú ìsọ̀rí méjèèjì. Ìtumọ̀ ló ń yan èyí tí a máa lò.

Pẹ̀lú "remember", ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: èwo ló ṣáájú, ìrántí ni àbí iṣẹ́? Bí ìrántí bá ṣáájú, tí iṣẹ́ tẹ̀ lé e, "to" ni. Bí iṣẹ́ bá ti ṣẹlẹ̀ kí ìrántí tó dé, "ing" ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìyá bá ń jáde lọ sọ́jà, tó ń kìlọ̀ fún ọmọ, "Remember to lock the door" ló máa sọ. Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ ohun tó ti kọjá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú nìyí o. Wọ́n á rí "yesterday" nínú gbólóhùn, wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá, "ing" ló yẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ wo "Yesterday she remembered to lock the shop." Àná ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ "to" ló tọ̀nà, nítorí pé lánàá yẹn, ó kọ́kọ́ rántí, lẹ́yìn náà ló ti ṣọ́ọ̀bù. Ìrántí ni kí ẹ fi wọn iṣẹ́, ẹ má fi òní wọ̀n ọ́n.

Èdè tiwa gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. "Mo rántí láti ti ilẹ̀kùn" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "Mo rántí pé mo ti ilẹ̀kùn." Torí náà, bí ẹ bá ń ṣiyèméjì lórí "remember", ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí "láti" bá jáde lẹ́nu yín, ẹ kọ "to". Bí "pé mo ti ṣe é" bá jáde, ẹ kọ "ing". Ọ̀nà kan náà bá "forget" lọ: "I forgot to pay" túmọ̀ sí pé owó kò kúrò lọ́wọ́ mi, nígbà tí "I will never forget paying that money" túmọ̀ sí pé mo san án, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé "láti" yìí dé ọ̀dọ̀ "stop", ó máa tàn yín. Ẹnu wa kò kọ̀ láti sọ pé "Ó dẹ́kun láti máa mu sìgá." Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ "láti" níbẹ̀, á sì kọ "He stopped to smoke." Ohun tí ẹni tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa rí ni ọkùnrin kan tó ń rìn lọ, tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó sì ṣáná sí sìgá. Ẹni tí a fẹ́ sọ pé ó ti jáwọ́ ló tún ń fẹ́ èéfín yẹn! "He stopped smoking" ló tọ̀nà.

Ohun tó fa èyí ni pé iṣẹ́ tí "to" ń ṣe lẹ́yìn "stop" yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe lẹ́yìn "remember". Lẹ́yìn "stop", ìdí tí èèyàn fi dúró ni "to" ń sọ. Ohun tó dáwọ́ dúró gan-an kò hàn nínú gbólóhùn. Ẹ̀yin lẹ máa wá a. Ká ní ọkọ̀ gbéra láti Ìbàdàn, ó ń lọ sí Ìlọrin. "We stopped to eat at Ogbomoso" túmọ̀ sí pé ọkọ̀ dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn èrò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Ìrìn ló dúró. Ẹ lè dá ohun tó fara pamọ́ padà sí àyè rẹ̀: "We stopped driving to eat." Ẹ ò rí i pé "ing" àti "to" jókòó pọ̀ láìjà? "Driving" ni ohun tó dúró, "to eat" ni ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá wá kọ "We stopped eating at Ogbomoso", oúnjẹ ló dúró. Á dà bíi pé láti Ìbàdàn lẹ ti ń jẹ bọ̀, tí ẹnu kò sinmi títí ẹ fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dán "stop" wò, ẹ pa "láti" tì, kí ẹ lo àpètúnpè ẹlẹ́bẹ tí ẹ kọ́ nínú gírámà Yorùbá: jíjẹ, mímu, títì. Bí ẹ bá lè sọ pé "jíjẹ ló dúró", "eating" ni. Bí ó bá jẹ́ "kó lè jẹun ló ṣe dúró", "to eat" ni. Ẹ tún lè fi "in order to" rọ́pò "to": "We stopped in order to eat" dúró dáadáa. Ẹ má dán ìyẹn wò lára "remember" o; "I remembered in order to lock the door" kò bá ohun tí a fẹ́ sọ mu.

Ẹ wá wo gbólóhùn yìí, irú èyí tí wọ́n lè fi dán yín wò: "Halfway home, he stopped ___ (check) his pocket for the key, because he could not remember ___ (lock) the office." Ẹ mú àlàfo àkọ́kọ́. Ṣé yíyẹ àpò wò ló dúró? Rárá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Ìrìn ló dúró, kó lè yẹ àpò wò. "To check" nìyẹn. Ní àlàfo kejì, ó ti kúrò ní ọ́fíìsì, ó ń wá àwòrán ohun tó ti kọjá nínú ọpọlọ rẹ̀. Bí ó bá tì í, títì náà ti ṣáájú ìrántí. "Locking" nìyẹn. Ẹni tó bá kọ "to lock" síbẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ di ti ẹni tí kò lágbára àtirántí ohun tó yẹ kó ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń da ọkùnrin náà láàmú ni pé kò mọ̀ bóyá òun ti ṣe é.