Àlejò fẹ́ dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn sì ń wọlé lọ́sàn-án: bí mo ṣe ń dáhùn

Ẹni tó bá ń fi fúláàtì gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ l'Ékòó mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Yúróòpù ń gbéra lálẹ́, bẹ́ẹ̀ aago 11 àárọ̀ ni àlejò gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tó ń dà á láàmú jù ni ẹrù, kì í ṣe ibùsùn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń sọ pé kò ṣeé ṣe láìsọ̀rọ̀ ẹrù nínú ìdáhùn kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Lẹ́kkí. Lọ́jọ́ Ẹtì, màmá kan tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ máa gbéra láago 11 alẹ́ kọ̀wé láago 8 àárọ̀ pé òun fẹ́ dúró di aago 5 ìrọ̀lẹ́. A sì ti gbà fún àlejò tó kàn pé kó wọlé láago 1 ọ̀sán. Èèyàn méjì á lo wákàtí 2 gbáko láti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn àti táwẹ̀lì, fọ balùwẹ̀, kó ohun tó kù nínú fíríìjì, kí ilẹ̀ sì gbẹ. Láti aago 11 sí aago 1, kò sí ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́ kù. Ká ní aago 3 ni ẹni tó kàn ń bọ̀ ni, mà bá fún màmá náà ní wákàtí kan. Ìṣirò yìí ni mo máa ń ṣe kí n tó fèsì.

Mi ò kí ń kọ "màá wò ó ná." Ẹni tó ń wá àyè á gbọ́ ọ bíi pé a ti gbà, kò ní palẹ̀ ẹrù mọ́, àwọn tó ń tún ilé ṣe á sì bá a lórí ibùsùn láago 11. Ohun tí mò ń kọ nìyí:

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè sọ fún wa. Ẹ má bínú, ilé ò ní ṣeé dúró sí kọjá aago 11 lónìí, torí àlejò mìíràn ń wọlé lọ́sàn-án, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa wọ́ ẹrù kiri, mà. A ó bá yín tì í mọ́ yàrá kan nísàlẹ̀ di aago 5, ẹ ò ní san nǹkan kan. Báàgì mélòó ni?"

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ń ṣiṣẹ́ gan-an: iye báàgì ló máa fi fèsì, kò ní máa bẹ̀bẹ̀. Mi ò dárúkọ owó tó lè san kó lè dúró pẹ́, torí bó bá gbà láti san án, kò sí yàrá tí mo fẹ́ tà fún un. Mi ò sì sọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ tàbí ibi tó ti ń bọ̀. Bó bá tún bẹ̀bẹ̀, ìdí kan náà ni mò ń tún sọ. Bí èèyàn bá ti mú ìdí tuntun wá, àlejò á rò pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹrù gan-an ló gba àkíyèsí. A kì í fi í sí kọ́bọ́ọ̀dù inú fúláàtì, torí olówó ẹrù á ní láti kanlẹ̀kùn ẹlòmíràn kó tó rí i gbà. A kì í sì kó o sọ́dọ̀ máígáàdì lẹ́nu géètì tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Lójú olówó ẹrù la ti ń kà á, a ó ya fọ́tò báàgì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú síìpù rẹ̀ ní títì, a ó so páálí mọ́ ọn tí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti aago tó máa wá gbé e wà lára rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù, owó, wúrà, kọ̀ǹpútà àti oògùn, kó mú wọn dání. Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń kó oúnjẹ: kẹ́ẹ̀gì epo pupa gbọ́dọ̀ dúró lóòró, kó wà nínú ọ̀rá lọ́tọ̀, ẹja gbígbẹ tí wọn ò bá dì dáadáa á pe eèrà àti eku. Ọbẹ̀ dídì ni mi ò kí ń gbà, torí yàrá ẹrù máa ń gbóná.

Aago 5 yẹn kò ṣàdédé wáyé. Ó yẹ kí màmá náà dé pápákọ̀ òfurufú láago 8, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti Lẹ́kkí sí Ìkẹjà sì lè gba wákàtí 2 sí 3. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló máa wá gbé ẹrù náà, kó fi orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ láti orí fóònù tirẹ̀ ṣáájú. Láìsí ìyẹn, a ò ní ṣílẹ̀kùn.

Bí àlejò tuntun bá yọjú láago 11:30, àǹfààní kan náà ni tirẹ̀: a ó gba ẹrù rẹ̀, kò ní wọ fúláàtì títí aago 1. Páálí aláwọ̀ mìíràn la máa ń so mọ́ tirẹ̀, torí báàgì dúdú oníkẹ̀kẹ́ jọra púpọ̀.