Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: Ẹ yọ orúkọ alákòóso àtijọ́ kúrò nínú RCCM kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìwé SARL, ilé-iṣẹ́ tí ẹni tó ní ìpín kì í pàdánù ju owó tó fi síbẹ̀ lọ, ní Ṣábẹ̀, ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Òfin OHADA, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ń lò fún ọ̀rọ̀ òwò, kò dá oyè akọ̀wé sílẹ̀ fún SARL, alákòóso ni òfin mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni gbogbo ìwé wà.

Kajú ni ilé-iṣẹ́ wa ní Ṣábẹ̀ ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló ni ín, ìpín 100 sì ni wọ́n pín láàárín ara wọn: alákòóso ní 40, ẹnì kejì ní 35, ẹnì kẹta ní 25. Ní oṣù kìíní, àwọn méjì yòókù fi ìpín 60 yọ alákòóso nínú ìpàdé, wọ́n sì fi ẹni tó ní 35 rọ́pò rẹ̀. Òfin ní kí ìpín tó bá fọwọ́ sí i ju ìdajì lọ, nítorí náà kò sí àléébù nínú ìyọkúrò yẹn. Mo kọ ìwé ìpàdé, wọ́n fọwọ́ sí i. Mo ní kí a gbé e lọ sí RCCM, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba fún àwọn oníṣòwò àti ilé-iṣẹ́, torí pé ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún wa láti kéde irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tuntun ní, “Má kánjú, jẹ́ kí àsìkò kajú kọjá ná.” Báńkì kọ̀ láti gba ìfọwọ́sí rẹ̀, gbogbo wọn sì ń bínú sí báńkì. Mi ò sọ èyí láti bú ọ̀gá mi o, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta, oníbàárà kan wọlé wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní òun wá kó 20 tọ́ọ̀nù kajú. Ó yọ ìwé àdéhùn jáde: alákòóso àtijọ́ ló fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, alákòóso àtijọ́ náà sì ti gba 3,000,000 fráǹkì ìsanwó-ṣáájú. Ọ̀gá wa kígbe pé, “A ti yọ ọ́ láti oṣù kìíní!” Ọkùnrin náà ò jiyàn. Ó kàn tẹ́ bébà kejì sórí tábìlì, ìwé RCCM tó gbà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó sì fi ìka sórí ìlà tí wọ́n kọ orúkọ alákòóso sí. Orúkọ ẹni àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Mo wo ọ̀gá wa, kò lè wo ojú mi.

A sáré lọ bá agbẹjọ́rò. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí: “Ṣé ẹ lè fi hàn pé oníbàárà yìí mọ̀ pé ẹ ti yọ ọ́?” A ò lè fi hàn. Ó ní ohun tí a kò bá kéde ní RCCM, a ò lè fi dá ará ìta tí kò mọ̀ lẹ́bi. Ìyọkúrò náà múlẹ̀ láàárín àwa fúnra wa, ṣùgbọ́n lójú oníbàárà, ọkùnrin yẹn ṣì ni alákòóso. Ó wá béèrè ìwé tí a ń kọ ìpàdé sí. Ìwé àjákọ tí mo bá níbẹ̀ ni, ojú ewé rẹ̀ kò ní nọ́ńbà, ilé ẹjọ́ ò fọwọ́ sí i, ẹnì kan sì ti ya ewé kan kúrò láàárín. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ó ya náà, ó sì mi orí.

A kó kajú náà fún un. A ti kéde ọ̀gá tuntun báyìí, a sì ń lé alákòóso àtijọ́ fún owó náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé RCCM lè dúró. Lọ́jọ́ tí ìpàdé bá parí, ẹ múra ẹ̀dà ìwé ìpàdé, kí ẹ gbé e lọ. Ẹ gba òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ. Kí ìkéde tó jáde, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yín, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn rí i gbà. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè agbẹjọ́rò yẹn. Tí ìkéde bá ti wọlé, ẹ gba ìwé RCCM tuntun, kí ẹ ka orúkọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara yín. Bí báńkì bá kọ ìfọwọ́sí, RCCM ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ìwé ìpàdé náà, ẹ jẹ́ kí ilé ẹjọ́ fi nọ́ńbà àti ìfọwọ́sí sí ojú ewé rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí i. Bí ẹ bá fẹ́ bébà tí kò dì pọ̀, òfin gbà á, bí nọ́ńbà bá tẹ̀léra tí wọ́n sì fọwọ́ sí i bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ yọ ewé tàbí pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wo ìwé òfin ilé-iṣẹ́ yín. Bí kò bá sọ iye ọdún tí alákòóso yóò lò, ọdún mẹ́rin ni òfin fún un. Ọ̀pọ̀ alákòóso ló ti kọjá ọdún mẹ́rin tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n lè tún un yàn, àmọ́ ìpàdé ló máa yàn án, RCCM sì ni ìwé ìpàdé náà ń lọ.