Bí ọdún 6 mi ṣe di oṣù 8

Ọdún 6 ni mo fi ṣe iṣẹ́ alábòójútó ọ́fíìsì kí ọkàn mi tó fà sí iṣẹ́ ètò òṣìṣẹ́. PHR, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ètò òṣìṣẹ́ tí àjọ HRCI ní Amẹ́ríkà ń fúnni, ni mo dójú lé. Ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ti ní ìrírí ọdún 2 kó tó lè jókòó ìdánwò náà. Ẹni tó ní oyè kejì, ọdún 1. Ẹni tí kò ní oyè, ọdún 4. Èmi tí mo ní oyè àkọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọdún 2 kẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe sílẹ̀. Mo kọ ọ́: mo ń gba fọ́ọ̀mù ìsinmi, mo ń to fáìlì òṣìṣẹ́, mo ń pe àwọn tó ń wáṣẹ́ láti wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo ń tẹ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bi mí pé, "Ta ló pinnu?"

"Ọ̀gá mi ni, mà."

Wọ́n á fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ìrírí tí wọ́n ń kà fún PHR ni iṣẹ́ tí ènìyàn ti lo òye ara rẹ̀, tó lè dáhùn fún ìpinnu tó ṣe. Ìwé títò kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Oṣù 8 péré ló ṣẹ́ kù, ìgbà tí wọ́n yá mi fún ẹ̀ka òṣìṣẹ́ láti ṣe ètò ìgbaniwọlé fún àwọn ẹni tuntun. Èmi ni mo pinnu ohun tí wọ́n máa gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti ẹni tó máa mú wọn mọ iṣẹ́. Nígbà tí mo rí i pé wọn kò rántí nǹkan kan lọ́sẹ̀ kejì, èmi náà ni mo tún un ṣe.

Bí mo ṣe yà sí aPHR nìyẹn, ìwé-ẹ̀rí HRCI fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò béèrè ìrírí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ rárá. (Òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀ o, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, aPHRi, ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ni kó wò.) Ọdún 3 ni aPHR ń lò kí ènìyàn tó sọ ọ́ di ọ̀tun.

Mo yege, mo fi ìwé náà bẹ ọ̀gá mi, wọ́n sì gbé mi lọ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pátápátá. Mo ní ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ báyìí tí mo ń kọ ọjọ́ sí, àti ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, ohun tí mo pinnu àti ìdí rẹ̀. Oṣù 11 ti kọjá níbí. Pẹ̀lú 8 ti àkọ́kọ́, ó ku 5 kí ọdún 2 ti PHR tó pé.