Ìwé Àtúnkọ: Bí Mo Ṣe Ń Kọ Ìdí Àyípadà Kọ̀ọ̀kan Sílẹ̀

Ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìtàn lè rò pé kò sí ohun tí òun tún fẹ́ máa kọ sílẹ̀ nípa àtúnkọ, nítorí pé Version history inú Google Docs yóò fi ọ̀rọ̀ tí ó yọ àti èyí tí ó fi rọ́pò rẹ̀ hàn án, tọjọ́ tàkókò. Ohun tí kò lè fi hàn án ni ìdí. Bí ìtàn bá ti sinmi fún ìgbà díẹ̀, ó rọrùn láti rí gbólóhùn kan tí a ti yọ, kí ó tún wù wá, kí a sì dá a padà, láìrántí pé ẹnìkan ti kà á rí tí ó sì ṣì í lóye. Nítorí èyí ni mo fi ń kọ ìwé kan lọ́tọ̀ tí mo ń pè ní ìwé àtúnkọ. N óò fi ìtàn kúkúrú kan tí mo kọ lédè Yorùbá ṣàlàyé bí mo ṣe ń lò ó, nítorí pé ìṣòro tí mo bá pàdé nínú rẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ ìtàn lédè wa.

Ìpàdé ẹbí ni ìtàn náà dá lé lórí. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá ni asọ̀tàn. Òun ni ó ń gbé omi fún àwọn àgbà tí wọ́n pé sí pálọ̀ bàbá rẹ̀ láti jíròrò lórí ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀. Àwọn yòókù fẹ́ tà á, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ náà, tí ó jẹ́ olórí ẹbí, kọ̀ jálẹ̀. Nítorí pé ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀, “wọ́n” ni mo fi ń tọ́ka sí bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ẹ̀dà kìíní, bí ọmọ tí a kọ́ nílé ti máa ń ṣe. Gbólóhùn tí gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́ sì wà ní ojú-ìwé kẹfà: “Wọ́n ní àwọn kò ní í fọwọ́ sí ìwé náà.”

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń kọ́ni ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama bá mi kà á. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Àbúrò, ta ni ó kọ̀ gan-an? Ṣé gbogbo àgbà ẹbí ni, àbí bàbá ọmọ yìí nìkan?” Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé “wọ́n” àti “àwọn” ni a fi ń tọ́ka sí ènìyàn púpọ̀, àwọn náà ni a sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. Níbi tí àgbà kan bá ti jókòó láàárín àwọn àgbà mìíràn, gírámà kò ní sọ fún òǹkàwé èwo nínú méjèèjì ni à ń wí.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé àtúnkọ mi nìyí:

“Ẹ̀dà kejì, ojú-ìwé 1 dé 9. Mo fẹ́ yí ‘wọ́n’ tí ó ń tọ́ka sí Bàbá padà sí ‘ó’, kí n sì yí ‘àwọn’ padà sí ‘òun’. Ìdí: ní ojú-ìwé 6, níbi ‘Wọ́n ní àwọn kò ní í’, òǹkàwé kò mọ̀ pé Bàbá nìkan ni ó kọ̀; bí kò bá sì mọ̀, ìparí ìtàn kò ní yé e. Ìrètí: kí òǹkàwé tí ó kàn má ṣe béèrè ẹni tí ó kọ̀. Ohun tí mo rò tì: kí n gba ìtàn lẹ́nu ọmọ náà fún asọ̀tàn tí kò sí nínú ìtàn. N kò ṣe é, nítorí pé wọ́n lé ọmọ náà jáde láàárín ìpàdé, ohun tí kò gbọ́ sì wà lára ohun tí ìtàn náà ń sọ.”

Ìdí ni ó ṣòro jù láti kọ nínú gbogbo rẹ̀. “Kò dùn tó” kì í ṣe ìdí, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú. Ìdí tí ó wúlò máa ń dárúkọ ibi kan nínú ìwé, ó sì máa ń sọ ohun tí òǹkàwé ṣì lóye tàbí tí ó sú u níbẹ̀. Ìrètí ni ó ń jẹ́ kí n lè dájọ́ àyípadà náà nígbà tí ẹlòmíràn bá kà á. Ní ti ohun tí mo rò tì, òun ni ó ń gbà mí lọ́wọ́ àyípoyípo, nítorí pé èrò tí a ti kọ̀ sílẹ̀ máa ń padà wá bí ẹni pé ó jẹ́ tuntun, pàápàá ní alẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ni ó ka ẹ̀dà kejì. Kò béèrè ẹni tí ó kọ̀, ìrètí mi sì ṣẹ. Ohun tí ó béèrè ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni bàbá yìí fi ṣe ọmọ wọn? Ó dà bí ẹni pé inú ń bí i sí wọn látìbẹ̀rẹ̀.” “Ó” ni ó fa èyí. Ọmọ tí ó ń pe bàbá rẹ̀ ní “ó” fún ojú-ìwé mẹ́sàn-án kò lè dà bí ọmọ tí ó ń bọ̀wọ̀ fún un, òǹkàwé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí.

Láìsí ìwé àtúnkọ, ó ṣeé ṣe kí n kàn dá gbogbo “wọ́n” padà, kí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi sì tún jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, mo rí i pé ojú-ìwé kẹfà nìkan ni ìdí náà dárúkọ, nígbà tí àyípadà kan ojú-ìwé kìíní dé ìkẹsàn-án. Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń yẹ̀ wò ni bóyá àyípadà fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Bí ó bá fẹ̀ jù ú lọ, apá tí ó lé yẹn kò ní ìdí kankan, ibẹ̀ sì ni wàhálà tuntun ti sábà máa ń yọjú.

Ní ẹ̀dà kẹta, mo dá “wọ́n” padà jákèjádò ìtàn, mo sì tún ojú-ìwé kẹfà nìkan ṣe. Mo fi ọ̀rọ̀ sí Bàbá lẹ́nu tààrà dípò kí ọmọ máa ròyìn rẹ̀: “Bàbá ní, ‘Èmi kò ní í fọwọ́ sí ìwé náà.’” Nínú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fẹnu ara rẹ̀ sọ, “èmi” yàtọ̀ sí “àwa” kedere, nítorí pé àgbà kì í bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ bí ọmọ ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Àtúnṣe yìí mú òmíràn dání. Ní ojú-ìwé kẹjọ, ìyá ọmọ náà ń sọ fún un nínú ilé ìdáná pé, “Bàbá rẹ ni kò gbà.” Kò sí ẹni tí ó tún nílò gbólóhùn yẹn mọ́, mo sì yọ ọ́. Nínú ìwé àtúnkọ, mo kọ ọ́ sí abẹ́ ti ojú-ìwé kẹfà, pẹ̀lú àlàyé pé bí ojú-ìwé kẹfà bá padà sí ìròyìn, ti ilé ìdáná gbọ́dọ̀ padà wá. Irú ìsopọ̀ báyìí ni Version history kò lè mọ̀ láéláé.

Síbẹ̀, ojú-ìwé kẹfà kò tán nínú àkọsílẹ̀ mi. Àwọn òǹkàwé ti mọ ẹni tí ó kọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí tí kíkọ̀ ẹnìkan fi lè dá títà náà dúró. Wọ́n ń béèrè ohun tí kò jẹ́ kí àwọn yòókù tà á láìsí i. Bí wọ́n ti ń béèrè ni mo ń fi àríyànjiyàn kún ìpàdé náà, tí ó sì ń gùn sí i. Nígbà tí mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé ojú-ìwé kan náà ni mò ń tún ṣe láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà, fún irú ìdí kan náà. Bí ó bá ti rí báyìí, mo máa ń fi ojú-ìwé náà sílẹ̀, kí n wá àléébù lọ sí ẹ̀yìn, nítorí pé ohun tí òǹkàwé nílò ti yẹ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ojú-ìwé kejì ni mo ti rí i. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé olórí ẹbí ni ó tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbà tí ó dúró fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, títà náà ṣì dúró àyàfi bí àwọn wọ̀nyí bá tètè lọ sí ilé-ẹjọ́ láti fagi lé e. Èmi mọ èyí nígbà tí mò ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi gbólóhùn méjì sí àbúrò Bàbá lẹ́nu ní ojú-ìwé kejì, níbi tí ó ti ń bá agbẹjọ́rò ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé àwọn kò lè ṣe nǹkan kan láìsí ìfọwọ́sí ẹ̀gbọ́n òun. Lẹ́yìn èyí ni mo gé gbogbo àríyànjiyàn tí mo ti kó jọ sí ojú-ìwé kẹfà kúrò.

Ní ti ọ̀nà ìkọsílẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan ìtàn ni mo máa ń kọ ìdí, nítorí pé ìdí tí a bá kọ lẹ́yìn iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ àwáwí tí a fi gbe ohun tí a ti ṣe lẹ́yìn. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà mọ́ nọ́ńbà ojú-ìwé, nítorí pé nọ́ńbà máa ń yí bí ìtàn bá ti gùn tàbí kúrú. Mo sì máa ń fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan pa mọ́ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, bí `ipade_ebi_03.docx`. Àmì ohùn àti àṣìtẹ̀ kò sí lára ohun tí mò ń kọ. Ìpinnu lórí sípẹ́lì nìkan ni ó ní ojú-ìwé kan lẹ́yìn ìwé, bóyá “ilé ẹ̀kọ́” ni n óò máa kọ tàbí “iléèwé”.

N kì í bẹ̀rẹ̀ ìwé àtúnkọ títí ẹ̀dà kìíní yóò fi parí, nítorí pé ẹni tí ó bá ń wá ìdí nígbà tí kò tíì mọ ibi tí ìtàn ń lọ yóò dúró sójú kan. N kì í sì í fi í han òǹkàwé kí ó tó ka ìtàn, torí pé ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí mo ní lọ́kàn kò lè sọ ohun tí ó wà lórí ìwé fún mi mọ́.

Olóòtú nìkan ni mo máa ń fi díẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Olóòtú tí ó gba ìtàn yìí kọ̀wé sí mi pé “ó” ni ìwé ìròyìn àwọn ń lò fún ẹnìkan ṣoṣo, ì báà ṣe àgbà. Mo da àkọsílẹ̀ ẹ̀dà kejì àti ìkẹta kọ, mo sì fi ránṣẹ́ láìfi àlàyé mìíràn kún un. Ó fi “wọ́n” sílẹ̀ jákèjádò ìtàn náà, àfi ní ibì kan ní ojú-ìwé kẹrin tí Bàbá àti ìyá ọmọ náà ti jọ wọlé, níbi tí ó ní kí n dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.