Ọdún Tí A Ta Ìdá Kan Nínú Mẹ́rin

Okun o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka tèmi láti ìgbà tí a ti ń fi ọwọ́ pa kajú ní ẹ̀yìnkùlé ní Kàbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọdún yìí ní: a gba olùdókòòwò. Bí nǹkan mìíràn bá ṣẹlẹ̀ láyé láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá, ojú mi kò tó o.

Ẹ mọ ìdí tí a fi wá owó. Ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ni kajú fi ń pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìgbà náà ni a sì gbọ́dọ̀ ra èyí tí a óò máa pa títí ọdún yóò fi yípo, ṣùgbọ́n báǹkì fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè láti oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ìpín nínú iléeṣẹ́ ni olùdókòòwò ń gbà ní tirẹ̀, bí iléeṣẹ́ bá sì wó, owó rẹ̀ bá a lọ.

Mílíọ̀nù 40 náírà ni ó fẹ́ kó wọlé, a sì jọ gbà pé iléeṣẹ́ wa tó mílíọ̀nù 120. Inú wa dùn, títí agbẹjọ́rò wa fi béèrè bóyá iye yẹn jẹ́ ti kí owó tó wọlé tàbí ti lẹ́yìn tí ó bá wọlé. Bí ó bá jẹ́ ti kí ó tó wọlé, àpapọ̀ yóò di mílíọ̀nù 160, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí 120 bá ti ní owó rẹ̀ nínú, ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò gbà. Lórí gbólóhùn kan yìí ni a ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò wa, kí ó tó gbà fún 25.

Ìdí tí mo fi takú ni pé òfin ìjọba lórí iléeṣẹ́, ti ọdún 2020, béèrè ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò tí a bá dì kí ìpinnu àkànṣe tó lè kọjá, irú èyí tí a fi ń yí ìwé òfin iléeṣẹ́ padà. Ẹni tí ó bá ní ju ìdá 25 lọ lè dá a dúró ní òun nìkan. Tẹ́lẹ̀, èmi ní 60, ẹ̀gbọ́n mi ní 30, Màmá sì ní 10, nítorí pé owó oko rẹ̀ ni a fi ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Nísinsìnyí, 45 ni tèmi, 22 àti ààbọ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n mi, 7 àti ààbọ̀ ni ti Màmá. Ẹ ro ó pọ̀: 75 géérégé. Bí a bá tún ta ìdá 20 fún ẹlòmíràn lọ́la, tèmi yóò di 36, nítorí náà n kò jẹ́ kí a ta jù ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ibi tí ó tún yẹ kí ènìyàn ti la ojú ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba owó bí a bá ta iléeṣẹ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ ni pé òun yóò mú mílíọ̀nù 40 òun kúrò, lẹ́yìn náà òun yóò tún bá wa pín ìyókù. Bí a bá ta iléeṣẹ́ ní mílíọ̀nù 200, yóò mú 40, yóò tún mú ìdá 25 nínú 160, èyí tí í ṣe 40 mìíràn: 80 lápapọ̀. Ohun tí a fọwọ́ sí ni pé kí ó yan ọ̀kan, yálà 40 rẹ̀ tàbí ìdá 25. Ní 200, ìdá 25 ni yóò yàn, yóò sì gba 50. Ní 100, yóò gba 40 rẹ̀, a ó sì fara mọ́ 60. Èyí kò burú. Ẹni tí ó gbé owó kalẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ gba tirẹ̀ bí ọjà bá bàjẹ́. Àbùjẹ méjì ni n kò gbà.

Ó tún mú ìwé àwọn ohun tí a kò lè ṣe láìgba àṣẹ rẹ̀ wá. A gbà pé a kò ní ta iléeṣẹ́ tàbí dá ìpín tuntun sílẹ̀ láìbá a sọ. Ṣùgbọ́n ó fi gbígba òṣìṣẹ́ àti yíyá owó èyíkéyìí sí i, a sì yọ èyí àkọ́kọ́, a fi òdiwọ̀n sí èkejì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fún ẹni tí ó ní ìdá 5 péré ní agbára láti dí wa lọ́nà, láìka ìbò kankan sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa sin Màmá ní oṣù kẹjọ, ẹ ṣeun púpọ̀. Òun tí kì í jẹ́ kí ìpàdé parí láìsọ̀rọ̀ ni kò ráyè dìbò mọ́, ó sì jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìpín olóògbé kò ní ìbò títí a óò fi gba ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́, tí a óò sì kọ orúkọ ajogún sínú ìwé iléeṣẹ́. Láìsí 7 àti ààbọ̀ rẹ̀, 67 àti ààbọ̀ wa nínú 92 àti ààbọ̀ kò tó ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ọkùnrin náà lè dá ìpinnu àkànṣe dúró bí ó bá fẹ́. Kò tíì fẹ́. Ó wá sí ìsìnkú, ó sì jẹ iyán ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìdajì owó ti wọlé. Ìdajì kejì yóò wọlé bí a bá ti gbé ẹ̀rọ ìfọ́kajú kalẹ̀, a sì ń retí rẹ̀ kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ní oṣù kìíní, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yóò lọ sí Lọ́kọ́ja nítorí ìwé ilé-ẹjọ́ náà. A kò tíì pinnu ẹni tí ìpín Màmá yóò bọ́ sí lọ́wọ́.