Ojúkojú, Kò Lè Sọ Bẹ́ẹ̀

Òjò rọ̀ láti ìdájí, iná ò sí, a ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìyẹn kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá àkántì sọ fún ìyá olóúnjẹ lẹ́nu géètì ni: "Ojúkojú, kò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí bàbá náà lórí Wásáàpù ló fà á: "Káàárọ̀. Fi ìwé owó oṣù ránṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù." Ká sọ tòótọ́, ọ̀gá wa kì í ṣe aláfojúdi. Tó bá wọ ọ́fíìsì, á tẹ̀ríba fún bàbá náà, á ní "ẹ káàárọ̀ sà", ohùn rẹ̀ á rọ̀. Lórí fóònù, ta ló máa rí orí tó tẹ̀? Lẹ́tà nìkan ló kù tó máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Ojúkojú, kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde wa níbí, tí regbẹ́regbẹ́ ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí oníkálukú mọ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀! Regbẹ́regbẹ́ kan náà ni bàbá yìí àti bàbá tó bí ọ̀gá.

Àbí ipò ni ká máa wò níbi iṣẹ́? Èmi ò mọ̀... Rárá, mo mọ̀. Ì bá kọ ọ́ báyìí: "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ àná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìwé owó oṣù ránṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù." Àṣẹ ṣì ni, aago méjìlá ṣì ni. "Ẹ bá mi" yẹn ló gba ọgbẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n "ẹ" náà kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, "Káàárọ̀, o kú iṣẹ́, ìwé àná dára" ni mo ń kọ sí i. Tí mo bá kọ "ẹ káàárọ̀", àyà rẹ̀ á já, á rò pé mo ń bínú. Ìyá Ayọ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ́ mi ni. "Ṣé o jí ire? Ara Ayọ̀ ti yá?" Mo máa ń dúró kó dáhùn kí n tó béèrè nǹkan tí mo ń wá. Tí mo bá ti orí ìkíni bọ́ sórí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á ní mo ti di ọ̀gá.

Ti ọ̀gá gan-an yàtọ̀ síyẹn. Tèèyàn bá kọ "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan tó dákẹ́, ńṣe ló ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ronú ohun tó fẹ́ẹ́ sọ. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ ló yẹ kó jọ wọlé: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé owó oṣù ti wà nílẹ̀, ìbuwọ́lùwé yín ló kù."

Bàbá fi ìwé náà ránṣẹ́ ṣá, kí aago méjìlá tó lù. Wọn ò kọ ìkíni kankan sí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, àwọn tó máa ń kí wa títí kan ará ilé...

Lọ́la, èmi ni mo máa kọ̀wé sí ọ̀gá àti bàbá pa pọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà mi" ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.