Mo kọ́kọ́ sọ pé "wọn kì í ta ìsọfúnni wa", àfi ìgbà tí mo tún ìwé àṣírí áàpù yẹn kà

Àwa kan wà tá a jọ ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wa, a ní gúrúùpù kan lórí fóònù tá a ti máa ń gba ara wa níyànjú. Ẹnì kan wá mú áàpù kan wá pé ká máa kọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru wa síbẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú oògùn tá à ń lò. Wọ́n ní kí n bá àwọn ka ìwé àṣírí ẹ̀, ìwé gígùn yẹn tí gbogbo wa máa ń tẹ "I agree" sí láì kà, kí n wá sọ ní ṣókí ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, ẹni tí wọ́n ń fún, àti bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn. Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ ìlà mẹ́ta péré: wọ́n ń gba orúkọ, ímeèlì, ọjọ́ ìbí àti iye ẹ̀jẹ̀ ríru wa, wọn kì í tà á, tẹ́ ẹ bá ti pa àkáǹtì yín rẹ́, gbogbo ẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀, wọ́n bá wọlé sí áàpù.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Màmá kan nínú wa pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo sọ pé wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni? Oògùn tí mo kàn ṣí wò nínú áàpù yẹn láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń polówó fún mi níbi tí mo ti ń wo fídíò." Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé áàpù yẹn ló fà á, torí ọ̀nà tí ìpolówó ń gbà débi èèyàn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá ò jẹ́ kí n sùn, mo padà lọ ka ìwé náà, mo sì rí i pé kò sí ìkankan nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tó pé.

Ohun tó ṣì mí lọ́nà ni pé wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ ohun kan pa pọ̀ síbì kan. Lókè pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé "We do not sell your personal information". Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀, tí èmi ti fò kọjá torí mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù ni, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn lè fún àwọn tó ń bá àwọn ṣe ìpolówó ní "identifiers" àti "usage information". Ó dáa, kí ni "usage information"? Mo tún gòkè lọ síbi tí wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀, mo bá "pages you view". Ojú ìwé tí Màmá ṣí wò láàárọ̀ wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ojú ìwé oògùn! "Identifiers" sì ni nọ́ńbà ìpolówó tí fóònù kọ̀ọ̀kan ní, tí áàpù kan àti èkejì fi ń mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Wọn ò fi orúkọ Màmá ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn àti oògùn yẹn ti tó kí ìpolówó mọ ọ̀nà ilé wọn.

Torí náà, "a kì í tà á" àti "a máa ń fún wọn" lè jọ wà nínú ìwé kan náà láìtako ara wọn. Kódà òfin àṣírí ìpínlẹ̀ Kalifóníà ti ya "sell" àti "share" sọ́tọ̀ láti 2023, "share" tiwọn sì jẹ́ kéèyàn gbé ìsọfúnni fún ẹlòmíì torí ìpolówó tó ń tẹ̀ lé èèyàn láti áàpù kan sí òmíì, bí owó ò tiẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Tẹ́ ẹ bá wá rí "sell" nìkan, ẹ ṣì máa wá "share", "disclose" àti "partners".

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé mo máa ń fa ìlà sórí pépà di òpó mẹ́rin: kí ni wọ́n gbà, báwo ló ṣe dọ́wọ́ wọn, ta ni wọ́n lè fún, títí dìgbà wo. Ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan ló ń ní ìlà tiẹ̀, èmi náà á máa tọ̀ ọ́ láti apá kan ìwé dé apá kejì títí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi kún. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo máa ń dà kọ síbẹ̀ kí n tó sọ ọ́ ní tèmi, pẹ̀lú déètì tó wà lókè ìwé náà níbi tí wọ́n kọ "Last updated" sí, torí wọ́n lè yí i lọ́la. Tí wọ́n bá kọ "may", "lè" ni mo máa kọ, mi ò ní sọ ọ́ di "wọ́n ń ṣe é", mi ò sì ní yọ ọ́ dànù. Tí wọ́n bá kọ "such as", ẹ mọ̀ pé àpẹẹrẹ lásán nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí nǹkan míì ṣì wà tí wọn ò dárúkọ. Òpó tó bá ṣófo, "wọn ò sọ" ni mo máa kọ síbẹ̀. Èyí ló nira fún mi jù láti kọ́, torí ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú máa ń fẹ́ kó dán mọ́rán, bẹ́ẹ̀ àlàfo yẹn gan-an lẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ rí.

Òpó kẹrin ló sábà máa ń ṣófo. Nínú ìwé tiwa, mo wá "retain" àti "delete", mo bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ní wọ́n á tọ́jú ìsọfúnni wa "as long as necessary", ìyẹn kò ní ọjọ́ kankan. Ìkejì ní tẹ́ ẹ bá pa àkáǹtì rẹ́, ẹ̀dà tó wà ní bákọ́ọ̀pù lè ṣì wà fún 90 ọjọ́. Ìkẹta, tí mo fò dá nígbà àkọ́kọ́, ní àwọn lè tọ́jú èyí tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò nínú ẹ̀ láìní gbèdéke. "Gbogbo ẹ̀ ti parẹ́" tí mo sọ wá dà? GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn ní Yúróòpù, tó ń ṣiṣẹ́ láti 2018, ní kí wọ́n sọ iye àkókò, tàbí ohun tí wọ́n fi ń pinnu ẹ̀ tí wọn ò bá lè sọ iye, torí náà kò burú téèyàn bá kọ ímeèlì láti béèrè. Mo kọ ọ́, mo ní kí wọ́n sọ tàwọn iye ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Wọ́n fèsì pé ó máa wà níbẹ̀ títí ẹni tó ni àkáǹtì á fi ní kí wọ́n pa á rẹ́, èyíinì ni pé ẹni tó kàn yọ áàpù kúrò lórí fóònù kò tíì pa nǹkan kan rẹ́.

Mo tún máa ń fi "Data safety" tó wà lójú ewé áàpù ní Google Play wé e. Àwọn tó ṣe áàpù ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ bá sọ ohun kan tí ìwé sì sọ òmíì, mo máa ń fi sínú ohun tí mo kọ. Ohun tí wọ́n sọ náà ni mo lè gé kúrú, mi ò lè fi mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn.

Mo bẹ gbogbo wọn ní gúrúùpù pé ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì yín lọ́nà, mo sì tún ìlà ti Màmá kọ báyìí: "Ojú ìwé oògùn tẹ́ ẹ ṣí: áàpù ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n lè fún àwọn tó ń ṣe ìpolówó pẹ̀lú nọ́ńbà ìpolówó tí fóònù yín ní, bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn, wọn ò sọ." Màmá kà á, wọ́n ní kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń pa nọ́ńbà ìpolówó yẹn rẹ́ han àwọn. Àwa méjèèjì jókòó, a wọ inú sẹ́tíńsì, a tẹ "Delete advertising ID", wọ́n wá ní iye ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan làwọn á máa kọ síbẹ̀, ti oògùn máa wà nínú ìwé àwọn.